NPV tàbí XNPV: èwo ló yẹ owó tí ọjọ́ rẹ̀ kò dọ́gba?

Bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ tí ọjọ́ wà lápá òsì, tí iye owó wà lápá ọ̀tún, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá okòwò náà tó ṣe, fọ́múlà méjì ni Excel gbé síwájú yín: NPV àti XNPV. Méjèèjì wà nínú Google Sheets àti LibreOffice Calc pẹ̀lú. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Wọ́n ń mú owó tí yóò wọlé lọ́jọ́ iwájú, wọ́n ń yọ èlé àkókò tó wà láàárín kúrò lára rẹ̀ kó lè di iye tó jẹ́ lónìí, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni bí wọ́n ṣe ń mọ iye àkókò tó wà láàárín ọ̀hún. NPV ń ka ìlà. XNPV ń ka ọjọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú okòwò kan, ká fi wọ́n méjèèjì lé e lórí. A fi 100,000 sílẹ̀ ní oṣù kìíní, owó sì padà wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, nígbà tó bá wu ẹni tó ń san án:

| Ìlà | A: Ọjọ́ | B: Iye |
|---|---|---|
| 2 | 15/01/2025 | −100,000 |
| 3 | 01/03/2025 | 20,000 |
| 4 | 30/09/2025 | 35,000 |
| 5 | 10/02/2026 | 30,000 |
| 6 | 20/12/2026 | 35,000 |

Owó tó wọlé jẹ́ 120,000 lápapọ̀. Èlé tí a fẹ́ kí owó wa máa mú wá jẹ́ 15% lọ́dún, ìyẹn ni pé 100 tó bá wà níta fún ọdún kan gbáko gbọ́dọ̀ di 115. Fọ́múlà méjèèjì nìyí:

```
=B2+NPV(15%,B3:B6)
=XNPV(15%,B2:B6,A2:A6)
```

Ti òkè mú −16,407 jáde. Ti ìsàlẹ̀ mú 3,924 jáde. Ọ̀kan ní ká má fọwọ́ kan okòwò yìí, èkejì ní ká ṣe é. Iye owó kan náà ni wọ́n kà, èlé kan náà ni wọ́n lò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé NPV kò tilẹ̀ wo òpó A rárá. Kò sí ibi tí ẹ ti lè fún un ní ọjọ́. Nígbà tí ẹ fún un ní 15%, ó gbà pé èlé sáà kan nìyẹn, àti pé ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sáà kan. 20,000 tó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ 45, ó kà á sí owó tó pẹ́ ọdún kan, ó sì dín in kù sí 17,391. 35,000 tó gbẹ̀yìn, tó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ 704 (kò tilẹ̀ tó ọdún méjì), ó wà ní ìlà kẹrin, NPV sì yọ èlé ọdún mẹ́rin gbáko lára rẹ̀, ó ku 20,011.

XNPV ní tirẹ̀ mú ọjọ́ ìlà àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò lára ọjọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì pín iye ọjọ́ tó kù sí 365. Fún 20,000 wa, 45 pín sí 365 jẹ́ nǹkan bí 0.123 ọdún, ìdínkù rẹ̀ kò sì pọ̀: 19,658 ló kù. Fún 35,000 tó gbẹ̀yìn, 704 pín sí 365 jẹ́ 1.929, ó sì ku 26,730. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí idán kankan nínú rẹ̀ lè kọ ìṣirò náà fúnra rẹ̀, iye kan náà ni yóò bá pàdé:

```
=SUMPRODUCT(B2:B6/(1+15%)^((A2:A6-A2)/365))
```

Mo fẹ́ràn kí ìlà yìí máa wà ní igun kan nínú fáìlì. Bí òun àti XNPV kò bá bára mu, ẹ ti mọ̀ pé ohun kan ti ṣe àkọsílẹ̀ yẹn.

Ibi tí owó àkọ́kọ́ ń wà

Ẹ tún wo fọ́múlà NPV yẹn dáadáa. B2 wà níta àkámọ́. Kì í ṣe àṣà lásán. NPV gbà pé iye àkọ́kọ́ tí ẹ bá fún un ń wọlé ní òpin sáà àkọ́kọ́, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú, tí ẹ kọ `=NPV(15%,B2:B6)`, yóò yọ èlé ọdún kan lára 100,000 tí ẹ san lónìí, àbájáde rẹ̀ á sì di −14,267 dípò −16,407. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n dáadáa.

Èyí tí wọn kì í sábà kíyè sí ni òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ NPV lè gbé ìṣe yẹn lọ sọ́dọ̀ XNPV, kó mú owó àkọ́kọ́ síta níbẹ̀ pẹ̀lú:

```
=B2+XNPV(15%,B3:B6,A3:A6)
```

Èyí mú 5,731 jáde, Excel kò sì ní pariwo. Kò sí àmì àṣìṣe kankan, èrè ló sì fi hàn, bí ó ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ìlà tí XNPV kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni 01/03/2025, ọjọ́ yẹn ló wá sọ di ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti dín owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kù dé oṣù kẹta nìkan, ẹ sì ro ó pọ̀ mọ́ owó tí ẹ san ní oṣù kìíní. Ọjọ́ 45 ti sọnù láàárín. Nítorí náà, lábẹ́ XNPV, owó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú àkámọ́, òun àti ọjọ́ rẹ̀, kó sì wà lókè pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yìí tún ní ibòmíràn tó ti ń ta ni. Ká ní ọjọ́ tí ẹ ń ṣe ìpinnu gan-an ni 01/12/2024, tí owó kankan kò sì tíì jáde. XNPV kò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ló wà lọ́kàn yín. 15/01/2025 ni yóò ṣì fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ fi ìlà kan kún un lókè, kí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 01/12/2024, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ 0. Gbogbo owó á wá padà sí ọjọ́ yẹn, 3,924 á sì di 3,857. Owó òdo yẹn kò fi nǹkan kan kún ìṣirò ju ọjọ́ rẹ̀ lọ, ọjọ́ rẹ̀ nìkan la sì nílò.

Ṣé a lè fi NPV ṣe é bí ó ti yẹ?

A lè ṣe é, ó sì yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ló ti wà ní oṣooṣù kó tó dé ọwọ́ wa. Ohun tí NPV ń béèrè ni kí àlàfo ìlà kan sí èkejì dọ́gba. Nítorí náà, a óò to gbogbo oṣù láti oṣù kìíní 2025 dé oṣù kejìlá 2026 sí òpó D, a óò sì fi owó kọ̀ọ̀kan sí oṣù tirẹ̀ ní òpó E. Owó tí a san wà ní E2, oṣù mẹ́tàlélógún tó tẹ̀ lé e wà láti E3 dé E25. Oṣù tí owó kò bá wọlé, a kọ 0 sí i. Èlé náà gbọ́dọ̀ di ti oṣù kan:

```
=E2+NPV((1+15%)^(1/12)-1,E3:E25)
```

Èyí mú 3,986 jáde. Ẹ rántí pé 3,924 ni XNPV wí. Nǹkan bí ọgọ́ta péré ló wà láàárín wọn, lórí okòwò 100,000. Bí gbogbo iṣẹ́ náà kò bá ju pé kí ẹ mọ bóyá kí ẹ ṣe é tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, èyí ti tó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé ìyàtọ̀ náà kéré fọkàn balẹ̀ jù. Owó 01/03, NPV kà á sí oṣù méjì gbáko, bẹ́ẹ̀ oṣù kan àbọ̀ ni. Ó dín in kù ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí 119. Owó 30/09, ó kà á sí oṣù mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́jọ àbọ̀. Ó fi nǹkan bí 179 lé e. Àwọn méjì yòókù ṣe bákan náà, ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan wá sílẹ̀, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ibi tí owó bá ti máa ń wọlé ní ìparí oṣù nígbà gbogbo, tí tiyín sì ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ọ̀nà kan náà ni gbogbo àṣìṣe á máa lọ, kò sì ní sí èyí tí yóò pa èkejì rẹ́.

Ohun méjì ló ń ba NPV oṣooṣù jẹ́, àwọn méjèèjì sì burú ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ díẹ̀ yẹn lọ fíìfíì.

Èkínní ni àpótí òfìfo. Bí ẹ bá fi oṣù tí owó kò wọlé sílẹ̀ láìkọ 0 sínú rẹ̀, NPV kò ní kà á sí oṣù. Yóò fò ó bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, gbogbo owó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì sún mọ́ tòsí. Nínú àpẹẹrẹ wa, owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di owó oṣù kìíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Àbájáde rẹ̀ á fò sókè dé 16,339. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sínú àpótí, bíi àmì “-” tí àwọn kan máa ń fi dípò òdo, òun náà ni NPV ń fò. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé kí ẹ kọ `=COUNT(E3:E25)`. Bí kò bá sọ pé 23, àpótí kan wà tí NPV kò rí.

Ìkejì ni èlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ 15%/12, wọ́n á sì kọjá. Pẹ̀lú òdo tó pé, ìyẹn mú 3,026 jáde, ó fi 960 dín ju 3,986 lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé 1.25% lóṣù, pẹ̀lú èlé orí èlé, kì í ṣe 15% lọ́dún mọ́. Ó ti di 16.08%. Èmi kò ní sọ pé 15%/12 kò dára nígbà gbogbo o. Bí bánkì bá wí pé “15% lọ́dún, à ń ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù”, 1.25% lóṣù ni wọ́n ní lọ́kàn, NPV oṣooṣù pẹ̀lú 15%/12 sì tọ̀nà. Nígbà náà, XNPV ni yóò ṣìnà bí ẹ bá fún un ní 15% gbalasa, torí èlé ọdún kan gbáko, tí èlé orí èlé ti wà nínú rẹ̀, nìkan ni XNPV mọ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ yí i padà fún un:

```
=XNPV(EFFECT(15%,12),B2:B6,A2:A6)
```

Ìyẹn mú 2,962 jáde, ó sì súnmọ́ 3,026 bí 3,924 ṣe súnmọ́ 3,986. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: nǹkan bí 60 ni kíka ọjọ́ dípò oṣù yí padà, nǹkan bí 960 sì ni àìmọ irú èlé tó wà lọ́wọ́ wa yí padà. Ní tèmi, ẹni tó ń jiyàn lórí NPV àti XNPV láì tíì béèrè ohun tí 15% yẹn túmọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ló ń bá jà.

Ohun tí XNPV ń fẹ́ lọ́wọ́ yín

Agbára XNPV wà nínú ọjọ́, ibẹ̀ náà sì ni àìlera rẹ̀ wà. Àwọn àṣìṣe kan máa ń sọ ara wọn. Bí ọjọ́ kankan bá ṣáájú ọjọ́ ìlà àkọ́kọ́, Excel á mú `#NUM!` jáde. Ẹ ó sábà rí i nínú àkọsílẹ̀ bánkì tí wọ́n tò láti ọjọ́ tuntun sí ti àtijọ́: ọjọ́ tó kẹ́yìn ló wà lókè, gbogbo èyí tó kù sì ṣáájú rẹ̀. Ẹ tún un tò. Lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́, kò pọn dandan kí ìyókù tẹ̀ léra. `#NUM!` náà ló ń jáde bí iye owó àti iye ọjọ́ kò bá dọ́gba. Bí ọjọ́ kan bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí Excel kò lè kà sí ọjọ́, `#VALUE!` ni.

Èyí tí kì í sọ ara rẹ̀ ni ọjọ́ àti oṣù tó gba ipò ara wọn. Kọ̀ǹpútà kan wà tó ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, òmíràn sì ń fi ọjọ́ ṣáájú oṣù. Ká ní ẹnìkan tẹ 10/02/2026 sórí èyí tó ń fi oṣù ṣáájú. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2026 ni kọ̀ǹpútà náà kọ sílẹ̀, dípò ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Ọjọ́ gidi ni, ó wà lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí XNPV lè rí tí yóò fi kọ̀ ọ́. Ọjọ́ 391 ti di 625, 30,000 tó yẹ kó jẹ́ 25,829 ti di 23,615, àbájáde wa sì ti bọ́ láti 3,924 sí 1,711. Àṣìṣe kan yìí, nínú ìlà kan ṣoṣo, ti jẹ ju ìdajì èrè lọ. Ọjọ́ tó bá ju 12 lọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò sí oṣù kẹtàlá. Ọ̀rọ̀ lásán ni yóò dà, `#VALUE!` á sì tú u fó. Nítorí náà, ọjọ́ kìíní dé ìkejìlá nínú oṣù ni kí ẹ máa fura sí. Bí iṣẹ́ bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ wọ́n bíi `=DATE(2026,2,10)`, tàbí kí ẹ jẹ́ kí òpó náà máa fi orúkọ oṣù hàn kí ojú lè tètè rí i.

Ohun kékeré kan ṣì kù: 365 ni XNPV ń pín sí, kódà nínú ọdún tó ní ọjọ́ 366. 100,000 tí yóò wọlé ní 01/01/2029, bí a bá wò ó láti 01/01/2028, NPV á pè é ní 86,957, XNPV á pè é ní 86,923. Ọjọ́ kan tó lé nínú 2028 ló fà á. Ẹ má wulẹ̀ dààmú lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi méjèèjì yẹ ara wọn wò tí wọ́n fi díẹ̀ yà sí ara wọn.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Bí owó bá ti wọlé tàbí tí àdéhùn ti sọ ọjọ́ rẹ̀, tí àlàfo àwọn ọjọ́ náà kò sì dọ́gba, XNPV ni. Kò sí ìdí láti máa to oṣù jọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni gbèsè tí wọ́n ń san bí ọwọ́ bá ṣe tẹ owó sí, owó tí olùdókòwò ń fi kún okòwò ní ìgbà tó yàtọ̀ síra, tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ṣe parí.

Bí owó bá ń wọlé ní àkókò tó dọ́gba, NPV ló rọrùn jù, ó sì rọrùn fún ẹlòmíràn láti yẹ̀ wò. Mo tún ń mú NPV níbi tí ọjọ́ bá ti jẹ́ àbá lásán. Ẹni tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ owó ọdún márùn-ún tó ń bọ̀ kò mọ ọjọ́ kankan. Bó bá kọ 31/12 sí ẹ̀gbẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan kó lè lo XNPV, ọjọ́ tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni fọ́múlà náà ń kà tọkàntọkàn. Irú owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ yípo ọdún, kì í ṣe lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ohun tó sún mọ́ òótọ́ jù ni kí ó kà á sí àárín ọdún, kó sọ apá NPV nìkan di púpọ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò 1 + èlé:

```
=B2+NPV(15%,B3:B7)*(1+15%)^0.5
```

Ó kù síbì kan tí n kò ní mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àdéhùn owó yíyá mìíràn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún jẹ́ ọjọ́ 360. XNPV kò ní ibi tí ẹ ti lè yí 365 rẹ̀ padà, NPV kò sì mọ ọjọ́ rárá. Ẹ padà sí ìlà SUMPRODUCT yẹn, kí ẹ sì fi iye tó wà nínú àdéhùn sí i:

```
=SUMPRODUCT(B2:B6/(1+15%)^((A2:A6-A2)/360))
```